Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọkọ ẹ̀ nìkan làwọn máa gbà

Ẹ káalẹ́ o. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ lánàá, ẹ̀jẹ̀ dà lára ẹ̀ gan-an, dókítà ní ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti já sí 17, àfi ká fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Màmá wa yarí, wọ́n ní a ò mọ ìwà ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yẹn, tó bá jẹ́ olè ńkọ́, á wọ ìyàwó lára á tún bá ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí wọ́n fa tòun nìkan. Kí ni mo lè sọ tí ò ní dà bíi pé mo rí màmá fín?

Ìyá Ìbejì: Ṣé O lọkọ? Ẹ̀jẹ̀ O ń bá gbogbo èèyàn mu, kí wọ́n fà á kíá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyá Ìbejì, O nẹ́gẹ́tíìfù la máa ń sáré lò tí ò bá sí àyè àtiyẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe gbogbo O. Tí àyè bá wà, láàbù á po díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ inú báàgì mọ́ ti aláìsàn, tó bá dì, wọn ò ní lò ó.

Olùbéèrè, má bá màmá jiyàn. Sọ fún wọn pé alágbàṣe lẹ̀jẹ̀ yẹn, ó wá gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara ni, tó bá fi máa tó bí oṣù mẹ́rin ó ti tán, inú egungun ìyàwó fúnra ẹ̀ ló ń ṣe tuntun. Ní ti ọkọ, a kì í fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ sí ìyàwó tó ṣì máa bímọ lára, torí ara ìyàwó lè kọ́ bó ṣe máa bá ẹ̀jẹ̀ ọkọ jà, oyún tó bá tún ní tó sì gbé ẹ̀jẹ̀ bàbá ló máa jìyà ẹ̀. Kó fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì, kí wọ́n fún ìyàwó ní èyí tó wà nílẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò.

Bọ̀dá Ṣọlá: Èmi fún wọn lẹ́ẹ̀kan, òòyì kọ́ mi, mi ò fún wọn mọ́ láyé. Wọ́n fẹ́ fà á tán ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Nǹkan bíi lítà 5 ló wà lára àgbàlagbà, ìdajì lítà ò pé là ń gbà. Omi inú ẹ̀ ń padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, pupa ẹ̀ ló ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bóyá ẹ ò jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, àbí ẹ tètè dìde?

Ìyá Ìbejì: Ìyàwó fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ti bi í?

Olùbéèrè: Ah. A ò bi í o, ojú ẹ̀ sì là. Ẹ jẹ́ n lọ.

Olùbéèrè: Ó ní kí wọ́n fà á fóun, ó sì ti sáìnì. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ fi tiẹ̀ sílẹ̀. Màmá ò tíì gbà lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dúró wo bí nọ́ọ̀sì méjì ṣe ń ka nọ́ńbà ara báàgì, tí wọ́n fi ń wé ti ọwọ́ ìyàwó. Báàgì ti wà lókè báyìí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ló léwu jù. Tí òtútù bá ń mú un, tí ara bá ń yún un, tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún tàbí tí ò lè mí dáadáa, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì kí wọ́n ti ẹ̀jẹ̀ náà pa. Kí màmá jókòó tì í, ojú wọn á ríran jù.