Ìdí tòmátì mi ń dúdú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Mo gbin tòmátì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 mẹ́rin ní bákónì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti so, àmọ́ bí èso ṣe ń tóbi ni ìdí rẹ̀ ń dúdú, tó ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tó le bí awọ bàtà. Ibi tó ti so mọ́ igi ò ní nǹkan kan. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí n ráyè, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo máa ń bomi rin ín, ṣùgbọ́n mo máa ń rọ ọ́ yó ni. Àbúrò mi tún ní kí n máa já àwọn ọmọ ẹ̀ka kéékèèké dànù. Ṣé òun ló fà á?

Bàbá Tọ́lá: Kálísíọ́mù ló ń wá. Ẹ gún èèpo ẹyin, ẹ dà á sí i. Ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ṣùpọ̀: Tèmi ata rodo ni o, ewé rẹ̀ ń ká kò. Ṣé èèpo ẹyin náà ni?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ṣùpọ̀, ẹ yí ewé yẹn padà, ẹ wò ó bóyá kòkòrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀.

Ìyá Ìbejì, Bàbá Tọ́lá ò jìnnà sí i, èso yẹn ò rí kálísíọ́mù tó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ kó má dé inú èso, torí omi ló ń gbé e lọ. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ táútáú fún ọjọ́ mélòó kan, tí ẹ wá rọ omi sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èso á ti jìyà. Èèpo ẹyin ń pẹ́ kó tó jẹrà. Láràárọ̀, ẹ ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ bomi rin ín títí omi á fi máa jáde nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ihò ò bá sí nídìí rẹ̀, ẹ lu ú. Ẹ da koríko gbígbẹ bo ojú iyẹ̀pẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Èyí tó ti dúdú ò ní padà bọ̀ sípò mọ́, ẹ já a. Àwọn tó bá so lẹ́yìn èyí ni ẹ máa fi mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀ka ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Irú tòmátì wo ni? Bó bá jẹ́ Roma, ó máa ń ga níwọ̀nba, lórí àwọn ẹ̀ka yẹn ló sì ti ń so púpọ̀. Bí ẹ bá já gbogbo wọn, ẹ ti já èso dànù nìyẹn. Àwọn ti ìsàlẹ̀ tó ń kan iyẹ̀pẹ̀ nìkan ni kí ẹ mú kúrò. Irú tó ń gùn láìdúró ni à ń já tirẹ̀, nígbà tó ṣì kéré bí ìka, ká fi ọwọ́ kán an. Abíyá ewé ló ti ń yọ. Ìdì òdòdó ń yọ lára igi gan-an, ẹ má ṣi í já.

Ìyá Ìbejì: Inú tòmátì ọjà ni mo ti yọ hóró rẹ̀, mi ò mọ orúkọ.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ẹ fi igi kan sílẹ̀ láìjá ẹ̀ka rẹ̀, ẹ wò ó bóyá gíga rẹ̀ á dúró. Kí ẹ ri ọ̀pá ọparun bọ ẹ̀bá bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó jìnnà sí gbòǹgbò. Fi àkísà aṣọ so ó: kó fún mọ́ ọ̀pá, kó dẹ̀ mọ́ igi, torí igi á ṣì tóbi.

Bàbá Tọ́lá: Èmi ò ní jáwọ́ nínú èèpo ẹyin mi o. Omi tó ń jáde nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́, ta ló ń gbé nísàlẹ̀ yín?

Ìyá Ìbejì: Onílé ni, sà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí.