Ṣé kí n pín ìdáhùn oníbàárà yìí sí méjì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ aláró, yáàdì 5, ni mò ń tà lórí ayélujára. Lánàá, ìyá kan bi mí lábẹ́ ọjà náà pé: “Ṣé ó máa ń ṣí? Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó ọmọ mi.”

Mo kọ́kọ́ kọ “Rárá, mà,” mo sì pa á rẹ́. Irọ́ ni. Mo fi aṣọ funfun tó tutù ra igun rẹ̀, aró sì ràn án. Ohun tí mo wá kọ nìyí:

“Aró máa ń jáde lára àdìrẹ yìí nígbà àkọ́fọ̀. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi yóò fi mọ́, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ funfun.”

Mi ò dárúkọ ìgbéyàwó, kí ẹlòmíràn tó bá kà á lè rí tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé gan-an ló ká ìyá yìí lára, mi ò sì lè tún ìdáhùn ṣe tí mo bá ti fi ránṣẹ́.

Ṣé kí n fi èyí síta, kí n wá dá a lóhùn nípa Sátidé ní ìkọ̀kọ̀, àbí kí n pa méjèèjì pọ̀?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.