Màmá mi ń gba kẹmó, ara wọn gbóná lálẹ́ yìí

Tóyìn, Lúútọ́ọ̀nù: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi ń gba kẹmó fún jẹjẹrẹ ọyàn, ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tí wọ́n gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Láti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń gbọ̀n, tẹmómítà sì ka 38.2. Wọ́n ní kí n má da ẹnikẹ́ni láàmú. Ṣé kí n fún wọn ní parasitamọ́ọ̀ kí wọ́n lè sùn?

Bàbá Kọ́lá, Mànchẹ́sítà: Fún wọn ní méjì, ara á balẹ̀. Ìyàwó mi náà ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Líìdì: Tóyìn, má tíì fún wọn! Ẹ má bínú sà, Bàbá Kọ́lá. Lóòótọ́ ni parasitamọ́ọ̀ á mú ibà náà wálẹ̀, ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀: tẹmómítà á sọ pé ara ti dá, kòkòrò á sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kẹmó ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò jà máa ń kéré jù. Tí kò bá sí wọn, ojú egbò lè má wú, kò sì ní ṣọyún, ibà nìkan lẹ lè rí. Wá káàdì tí wọ́n fún Màmá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí o pe nọ́ńbà ara rẹ̀ báyìí. Tọ̀sántòru ni wọ́n ń gbé e. Tí wọn ò bá gbé e, pe 999. Tẹ́ ẹ bá dé ẹ̀ka pàjáwìrì, fi káàdì náà han ẹni àkọ́kọ́ tó o bá rí, má jókòó de ìlà. Kí wákàtí kan tó pé ló yẹ kí oògùn apakòkòrò ti wọ iṣan wọn, kódà kí èsì ẹ̀jẹ̀ tó jáde.

Fúnkẹ́, Hiúsítọ́ọ̀nù: Àǹtí, irun mi ló ń dà mí láàmú ní tèmi. Ṣé fìlà tútù tí wọ́n ń dé nígbà kẹmó kí irun má baà já yẹn ń ṣiṣẹ́ fún irun wa?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Fúnkẹ́, jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti Tóyìn ná.

Tóyìn: Wọ́n ti dá wa dúró sí ọsibítù. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà, 0.3 péré! Omi oògùn ti ń wọlé. Dókítà ní lẹ́yìn kẹmó tó ń bọ̀, wọ́n á máa gba abẹ́rẹ́ tó ń mú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ọlọ́run ṣeun. Abẹ́rẹ́ yẹn lè mú kí egungun ìbàdí àti ẹ̀yìn máa ro wọ́n. Kí wọ́n tó lo parasitamọ́ọ̀ fún un, ẹ kọ́kọ́ fi tẹmómítà wò ó.

Ìyá Ìbejì, Bẹ́míńgámù: Èébì ńkọ́? Ońdansẹ́tírọ́ọ̀nù tèmi kì í jẹ́ kí n yàgbẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn, wọ́n lè fún yín ní èyí tó ń rọ ìgbẹ́ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ oògùn èébì náà. Ẹ má dúró dìgbà tí èébì bá gbé yín kẹ́ ẹ tó lò ó. Fúnkẹ́, fìlà yẹn gbọ́dọ̀ kan awọ orí gan-an. Tú gbogbo irun dídì àti wífì, kí o sì fi omi rẹ irun náà dáadáa. Síbẹ̀, ti ẹlòmíràn ṣì máa ń já.

Bàbá Kọ́lá: Ìyàwó mi ń mu àgbo pẹ̀lú kẹmó tiẹ̀. Ṣé ìyẹn náà kò dáa?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Kí ló wà nínú àgbo ọ̀hún, sà?

Bàbá Kọ́lá: Ẹni tó fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n.