Orúkọ wo ló yẹ owó tí ìjọba ń san fún àgbà tí kò dáwó?

Atúmọ̀: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ń tú ìwé pẹlẹbẹ kan sí Yorùbá. Ó dá lórí owó tí ìjọba ń san lóṣooṣù fún àwọn àgbà tí kò rí já jẹ, bí wọn ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba rí, tí wọn ò sì dá kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ ogbó. Ṣé "owó ìfẹ̀yìntì" náà la ó máa pè é? Báwo ni mo sì ṣe lè sọ ọ́ kó yé èèyàn bí owó náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lábúlé?

Bàbá Akọ̀wé: Má kọ ìfẹ̀yìntì, ọmọ mi. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Àgbẹ̀ kì í fẹ̀yìn tì, àfi ọjọ́ tí egungun bá kọ̀ fún un. "Owó ìrànwọ́ arúgbó aláìní" ni kó o kọ. Ó sọ ẹni tó ń gbà á, ó sì sọ ìdí tó fi ń gbà á. Aláìní nìkan ni wọ́n ń fún. Ẹni tó bá ti bímọ tó ń ṣiṣẹ́ kò sí níbẹ̀, torí ìjọba kò lè máa bọ́ òbí olówó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn yìí dùn mí wọra. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ tiwọn lára owó iṣẹ́ olóògbé ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n kúrò níṣẹ́, ìwé tòní yàtọ̀ sí ìwé tọ̀la ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn títí wọ́n fi dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ tó lágbára sí i, kí àwọn tó ń san án lè mọ̀ pé gbèsè ni wọ́n jẹ.

Atúmọ̀: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí mo ń tú. Owó tí àwọn fúnra wọn dá pa mọ́ ni wọ́n ń béèrè. Nínú èyí tí mo ń sọ, kò sẹ́ni tó dá nǹkan kan. Inú àpò ìlú, láti ara owó orí àti irú rẹ̀, ló ti ń jáde.

Ìyá Ìbejì: Àá, ó yé mi wàyí. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn hàn nínú orúkọ rẹ̀ o, kí opó bíi tèmi má baà tò sórí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Délé: Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ yìí ló ṣe kókó jù. Ìlà méjì ló wà. Ọ̀kan wà fún ẹni tó dáwó, ọ̀kan wà fún ẹni tí kò dá. Orúkọ tí a bá yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èèyàn mọ ìlà tó dúró sí.

Àmọ́ mi ò fara mọ́ "aláìní" tí Bàbá Akọ̀wé fi sí i, torí kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń wo àìní. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Lèsótò. Oṣù kọkànlá ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án níbẹ̀, 150 málótì lóṣù. Ọmọ ìlú tó bá ti pé ẹni 70 ọdún ló ń gbà á. Wọn kì í bi í bóyá ó ní màlúù tàbí kò ní. Ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni ẹni tó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀. Bí ìwé Atúmọ̀ bá mẹ́nu ba Lèsótò, tó sì pè é ní owó aláìní, irọ́ ló pa mọ́ wọn.

Ní ti ọmọ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ jàre sí ìdajì, sà. Nígbà tí Íńdíà bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1995, ẹni ọdún 65 tí kò ní ọ̀nà oúnjẹ tirẹ̀, tí ẹbí rẹ̀ kò sì gbọ́ bùkátà rẹ̀, ni wọ́n ní àwọn máa fún ní 75 rúpìì lóṣù. Nígbà yẹn, ọmọ wà nínú ìṣirò. Lọ́dún 2007, wọ́n yí i padà. Agbo ilé tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tálákà ni wọ́n ń wò. Lọ́dún 2011, wọ́n mú ọjọ́ orí náà wálẹ̀ sí 60. Ti Gúúsù Áfíríkà tún yàtọ̀. Ẹni 60 ọdún ni, owó tó ń wọlé fún òun àti ọkọ tàbí aya rẹ̀, pẹ̀lú ohun ìní wọn, ni wọ́n ń wọ̀n. Bí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ dókítà, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà, ìyẹn kò kàn wọ́n.

Bàbá Akọ̀wé: Délé, o ṣeun, mo gbọ́ ti ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ "aláìní" kúrò, kí ló kù? "Owó àgbà"? Owó wo ni kì í ṣe owó àgbà? Owó tí wọ́n ń kó fún baálẹ̀ náà, owó àgbà ni.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé o. Ohun tí mo fẹ́ dá sí ni "ìrànwọ́". Ẹni tó ń ṣèrànwọ́ lè ṣe é lónìí kó má ṣe é lọ́la, ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí òfin bá ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá pé ọjọ́ orí báyìí ni kó gbà á, ẹ̀tọ́ ló dà. "Arúgbó" ńkọ́? A lè sọ ọ́ nípa ara wa, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ síwájú ilé tí ìyá ẹni máa wọ̀. "Owó ẹ̀tọ́ àgbà" ni mo mú wá.

Délé: Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn létí, ó kan kù díẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì olóògbé ọkọ Ìyá Ìbejì náà, ẹ̀tọ́ àgbà ni. Ibi tó yẹ kí ìyàtọ̀ ti hàn ni dídá àti àìdá. "Owó àgbà aláìdáwó" ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Aláìdáwó? Bí ẹni tí kì í dáwó ẹgbẹ́, tó ń bọ́ sẹ́yìn? Èébú ni o. Mi ò ní dúró sórí ìlà tí wọ́n kọ ìyẹn sí.

Àdùkẹ́: Ìyá sọ òótọ́. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá ṣeé fi sínú orúkọ láìbu èèyàn, kó wà nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. "Owó ẹ̀tọ́ àgbà. Kò di dandan kí o ti dáwó." Orúkọ kọ́ ló máa ru gbogbo ẹrù.

Atúmọ̀: Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, apá kejì ńkọ́? Ìwé náà kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé wọ́n "ti san" owó náà fún àwọn ará abúlé.

Délé: Ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti ràn wá lọ́wọ́, torí sísan kì í ṣe gbígbà. Ìwé ọ́fíìsì máa ń ka sísan, àgbà sì ń ka gbígbà. Bí Atúmọ̀ bá kọ "san" sí ibi méjèèjì, ìṣòro tó wà láàárín wọn á pòórá.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní abúlé Íńdíà, ẹni ọdún 79. 200 rúpìì ni ìjọba àpapọ̀ ń san fún un lóṣù, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fi lé e ò sí lára rẹ̀. Tó bá pé 80, ó yẹ kó di 500. Ọjọ́ ìbí tó wà nínú káàdì rẹ̀ ni wọ́n máa wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí i lóòótọ́. Ẹni tó bu ọjọ́ orí rẹ̀ kù fún un nígbà ìforúkọsílẹ̀ ti gba 300 rúpìì oṣooṣù lọ́wọ́ rẹ̀ títí káàdì náà á fi sọ pé ó pé 80.

Owó náà wọ àkáǹtì báńkì. Ọ́fíìsì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti san. Báńkì kò sí lábúlé, nítorí náà ó lọ bá aṣojú báńkì tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ìka ọwọ́. Ọwọ́ tó ti fi roko, tó fi fọ abọ́ láti kékeré, ìlà ìka rẹ̀ ti parẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Ká ní ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 80 rúpìì. Ìgbà kejì tó bá lọ, 160 ti lọ nínú 200, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì kan owó. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà láti fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí fóònù dípò ìka, fóònù ta ni? Ọwọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ tó wà nígboro ni fóònù náà wà.

Bàbá Akọ̀wé: Kí wọ́n kó owó tọ̀ wọ́n lọ nílé nígbà náà.

Délé: Àwọn kan ń gbìyànjú rẹ̀, sà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Lèsótò fi san tiwọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Níbi tí òkè kò jẹ́ kí ọkọ̀ dé, hẹlikópítà àwọn ológun ni wọ́n fi gbé owó lọ. Ṣùgbọ́n àgbà ṣì máa rìn dé ibi tí wọ́n ti ń pín in. Nẹpáálì ní tiwọn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni wọ́n ń pín in tẹ́lẹ̀, kí ìrìn má baà pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà nígbà yẹn á dúró fún oṣù mẹ́rin.

Àdùkẹ́: Ẹni tí kò lè rìn ńkọ́? Ẹ má pe ẹni tó ń bá a gbà á ní "agbowó" o. Agbowó-orí ló máa wá sọ́kàn àwọn èèyàn, wọ́n á sì tilẹ̀kùn. "Aṣojú àgbà" ló dáa.

Délé: Mo gbà. Bí ẹ bá wá fi aṣojú sí i, ẹ ó nílò ọ̀rọ̀ fún bí ọ́fíìsì ṣe ń mọ̀ pé àgbà ṣì wà, torí àwọn kan máa ń gba owó òkú lọ. Ẹ wo àkáǹtì tí owó oṣù mẹ́rin dì jọ sínú rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ti kú. Ó sì lè jẹ́ ìyá tí ẹ̀rọ kọ ìka rẹ̀. Bí ọ́fíìsì bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ láìrán ẹnì kan lọ sílé rẹ̀, alààyè ni wọ́n sin yẹn.

Atúmọ̀: "Àyẹ̀wò ìwàláàyè" ni mo rò.

Ìyá Ìbejì: Ká wá bá àgbàlagbà ká ní a wá wò bóyá ó ṣì wà láàyè? Ta ló tọ́ ọ?

Àdùkẹ́: "Ìfojúhàn." Àgbà fojú hàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí wọ́n wá rí i nílé. Kò dárúkọ ikú rárá.

Bàbá Akọ̀wé: Ìfojúhàn dáa, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò tíì jáwọ́ nínú "aláìní". Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà ń wọn àìní, ìwé tí Atúmọ̀ ń tú sì sọ ọ́ lójú ìwé àkọ́kọ́ pé àgbà tí kò rí já jẹ ni.

Délé: Ó dáa, sà. Kó kọ "owó ẹ̀tọ́ àgbà" fún gbogbo rẹ̀, kó wá fi "aláìní" kún un níbi tí òfin bá ti ń wọn àìní. Ìyẹn náà tún mú ìbéèrè mìíràn wá. Wíwọ̀n yẹn fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń ka owó tó ń wọlé àti ohun ìní ẹni kí wọ́n tó gbà á wọlé, kí la ó pè é? Àwọn kan ń kọ "àyẹ̀wò ọrọ̀". Ẹni tí kò ní nǹkan kan ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò.

Àdùkẹ́: "Ìwọ̀n àìní"?

Bàbá Akọ̀wé: Ẹ jẹ́ kí n sùn lé e.