"Ọmọ mi, bá mi fi dúrọ́ọ̀ mẹ́rin sí i": ìrírí wa lórí iṣẹ́ àfikún tí kò lówó nínú

Onípákó Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èyí ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ tèmi ná, kí ẹ wá sọ tiyín.

Mọ́mì kan ní Àkóbọ̀ gbé iṣẹ́ wọ́dúróòbù fún mi. Gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, fífẹ̀ rẹ̀ mẹ́fà, ilẹ̀kùn mẹ́ta. Pẹpẹ ni gbogbo apá ọ̀tún, irin tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ ló wà ní méjì tó kù. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì san àsansílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, a ti to àpótí rẹ̀ dúró, gọ́ọ̀mù ti gbẹ, Mọ́mì bá wọlé. Wọ́n wo apá ọ̀tún títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi fi dúrọ́ọ̀ mẹ́rin síbí. Ṣebí bọ́ọ̀dù ṣì kù." Wọ́n na ìka sí bọ́ọ̀dù tó fara ti ògiri.

Bọ́ọ̀dù yẹn kì í ṣe àjẹkù o. Ilẹ̀kùn kẹta ló wà nínú rẹ̀, a ò tíì gé e ni.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan ní kí n bá òun fi "nǹkan kékeré" tí tẹlifíṣọ̀n máa jókòó lé sí iṣẹ́ òun. Mo ní kò sí wàhálà. Ọjọ́ méjì gbáko lọ síbẹ̀, mo tún fi owó ara mi ra bọ́ọ̀dù kan sí i. Nígbà tí mo dá a padà tán, ó ní ilẹ̀kùn rẹ̀ ò dọ́gba, kí n wá tún un ṣe. Ẹni tí kò san kọ́bọ̀! Ojú mi ti là látìgbà yẹn.

Ẹni tí kò ṣe pákó rí lè rò pé dúrọ́ọ̀ jẹ́ pákó kan téèyàn kàn tì wọlé. Ẹgbẹ́ méjì, iwájú, ẹ̀yìn, ìdí, àti ojú tí wọ́n á máa rí. Mẹ́fà nìyẹn fún ẹyọ kan, mẹ́rìnlélógún fún mẹ́rin, tépù sì gbọ́dọ̀ wà létí gbogbo èyí tó hàn síta. Rọ́nà tí yóò máa fà á jáde ń gba ìdajì íńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àpótí dúrọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ fi íńṣì kan dín sí ààyè tó máa wọ̀. Bó bá tóbi díẹ̀, kò ní í wọlé. Bó bá kéré jù, rọ́nà á máa já.

Ibi tó burú jù ni ìnjì tó so ilẹ̀kùn mọ́ àpótí. Dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ yọ ìnjì sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ha á tó bá ń jáde. Èmi ò fi ààyè yẹn sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí pé pẹpẹ ni wọ́n ní kí n ṣe. Ó túmọ̀ sí pé mo ní láti gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé ẹgbẹ́ inú kí rọ́nà tó lè jókòó lé e, kí àpótí dúrọ́ọ̀ sì tún dín sí i.

Mi ò ṣàlàyé gbogbo èyí fún Mọ́mì o, orí wọn á fọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Mọ́mì, èrò yín dáa, dúrọ́ọ̀ máa wúlò níbẹ̀. Àmọ́ kò sí nínú iye tí a jọ sọ. Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n, kí n ṣírò rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ òní. Kí ẹ tó dáhùn, màá máa bá èyí tó wà nílẹ̀ lọ."

Wọ́n ní, "Ṣé jàrá yìí náà lẹ fẹ́ gbowó lé?"

Mo ní, "Jàrá tèmi wà, Mọ́mì. Màá kan ìkọ́ mẹ́rin sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún bẹ́líìtì àti báàgì yín, ẹ ò ní í san nǹkan kan fún un. Dúrọ́ọ̀ ti kọjá jàrá."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Lálẹ́, mo kọ èyí sórí Wàsáàpù:

"Ẹ kú alẹ́, Mọ́mì. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè ní ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà: kò sí àfikún owó, Ọjọ́bọ̀ la máa parí. Ẹ lè gba dúrọ́ọ̀ mẹ́rin: ₦92,000, ọjọ́ méjì á lé e. Tàbí dúrọ́ọ̀ méjì nísàlẹ̀, tí a ó yọ pẹpẹ méjì kúrò dípò rẹ̀: ₦41,000, ọjọ́ kan á lé e. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ síbí, kí ẹ sì fi owó ọjà rẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó gé nǹkan kan."

Ọjọ́ kan kọjá, kò sí èsì. Inú mi ò balẹ̀ rárá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Mo ń gé ilẹ̀kùn kẹta, mo ń wo fóònù. Lọ́jọ́ kejì ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló kúkú ń sanwó, pè mí. Ó ní, "Bọ̀dá, ìkẹta yẹn ni ká ṣe." Ó fi owó ọjà ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Aránṣọ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú orí ire! Èmi ò ní irú ẹnu yẹn nígbà tèmi.

Aṣọ ẹbí ni. Síkẹ́ẹ̀tì àti búláòsì la jọ sọ, mo ti gé aṣọ tán, mo ti rán síkẹ́ẹ̀tì. Ó kù ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, Àǹtí fi fọ́tò ránṣẹ́: gáùn gígùn ni àwọn fẹ́ báyìí, ẹgbẹ́ wọn kan ló rán irú ẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé aṣọ tí mo ti gé sí méjì ò lè di gáùn láìsí oríkèé ní ìbàdí, pé wọ́n á ra yáàdì méjì sí i, pé owó iṣẹ́ gáùn yàtọ̀. Ojú tì mí. Mo fi òru mẹ́ta ṣe é, mo fi léèsì bo oríkèé yẹn. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n jó, wọ́n wá ní ìbàdí rẹ̀ ò gún.

Báyìí, kí n tó mú sísọ́ọ̀sì, mo máa ń ní kí wọ́n fọwọ́ sí àwòrán sítáì nínú ìwé mi. Lẹ́yìn sísọ́ọ̀sì, iye owó mìíràn ni.

Ayàwòrán Èkó

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ jù. "Rárá" ti tó. Èmi, àtúnṣe mẹ́ta péré ló wà nínú owó tí mo ń gbà fún fúláyà. Ìkẹrin, owó. Mi ò bèèrè ìdí, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní kí n bá àwọn tún orúkọ pásítọ̀ kọ, mo ní ₦5,000. Wọ́n san.

Ìyá Aránṣọ, Abẹ́òkúta

Ta ló kọ orúkọ pásítọ̀ lódì níbẹ̀rẹ̀?

Ayàwòrán Èkó

Èmi ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ìyá Aránṣọ, Abẹ́òkúta

Háà. Dá owó ṣọ́ọ̀ṣì padà, jàre. Bí èmi bá gé apá kan gùn ju èkejì lọ, ṣé kọ́sítọ́mà ló máa san owó ìtúnṣe?

Baba Títí

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò ní í jẹ́ kí wọ́n gbé ọjà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí owó tó kù ò bá pé. Ẹnìkan jẹ mí ní ₦30,000 láti Ọdún Iléyá, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Ẹ má fi ọjà sílẹ̀ o!

Onípákó Ìbàdàn

Baba Títí, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ gbèsè lẹ ń sọ, àwa ń sọ ti iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Fọ́máànù

Mo ti wà ní saìtì fún ogún ọdún ó lé díẹ̀, irú èyí là ń jẹ là ń mu. Onípákó, o gbìyànjú. Ibi méjì ni mo fẹ́ fọwọ́ bà.

Ọjọ́ tí o kọ sínú rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń kọ owó, wọ́n á gbàgbé ọjọ́. Mo ṣe iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú, onílé ní ká fi ilẹ̀kùn kan sí ògiri tí a ti mọ tán. Mo gba owó rẹ̀, mo fọ́ ògiri, mo da líńtẹ́ẹ̀lì, mo dúró kó gbẹ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ sí i. Ìgbà tó dọjọ́ ìparí, ó ní mo pẹ́, ó yọ owó nínú tèmi. Kò sí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé ilẹ̀kùn yẹn máa mú ọjọ́ lọ, kí ni mo fẹ́ sọ?

Èkejì: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí o fi kún un? Níbi iṣẹ́ ilé ńlá tó ní àdéhùn, àkítẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń fún wa ní ìwé kí a tó yí nǹkan padà. Kì í ṣe àbúrò onílé tó wá kí wa ní saìtì. Mọ́mì ló bẹ̀ ọ́, ọmọ wọn ló ń sanwó. Ká ní o ti gé e nígbà tí Mọ́mì sọ ọ́, tí ọmọ wá ní òun ò mọ̀ sí i ńkọ́? Lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tó sanwó àkọ́kọ́ ni kí o fi iye owó ránṣẹ́ sí.

Pẹpẹ méjì tí o yọ, ṣé o yọ owó wọn?

Onípákó Ìbàdàn

Mo yọ ọ́, sà. Láìsí ìyẹn, ₦49,000 ni ìbá jẹ́. Bọ́ọ̀dù pẹpẹ náà ni mo gé fi ṣe ojú dúrọ́ọ̀.

Ní ti Mọ́mì àti ọmọ wọn, òótọ́ lẹ sọ. Mi ò ronú débẹ̀. Orí ló yọ mí.

Ọ̀kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Wọn kì í ta ààbọ̀ bọ́ọ̀dù fúnni, odindi ni mo rà. Mo mú èékù kékeré dání lọ sí ọjà kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá ti àkọ́kọ́ mu, ṣọ́ọ̀bù kẹta ni mo ti rí i. Lẹ́yìn dúrọ́ọ̀ méjèèjì, ó ṣẹ́kù ju ìdajì lọ. Owó odindi ló wà nínú ₦41,000 yẹn. Ta ló ni èyí tó kù?

Ayàwòrán Èkó

Tìẹ ni. Ìwọ lo rà á.

Ìyá Aránṣọ, Abẹ́òkúta

Tiwọn ni! Owó wọn lo fi rà á. Bí wọ́n bá gbé yáàdì márùn-ún wá, tí mẹ́rin tó, ṣé èmi á mú ẹyọ kan?

Ayàwòrán Èkó

Gbogbo aránṣọ ló ń mú un, ìyá wa.

Ìyá Aránṣọ, Abẹ́òkúta

Kì í ṣe èmi!

Fọ́máànù

Bí o bá ta iṣẹ́ fún wọn ní iye kan, bọ́ọ̀dù tìẹ ni. Bí o bá kà á fún wọn pé bọ́ọ̀dù ẹyọ kan ni èyí, tiwọn ni. Èwo lo kọ?

Onípákó Ìbàdàn

"₦41,000" nìkan ni mo kọ, sà. Àmọ́ lẹ́nu, mo sọ fún ọmọ wọn pé owó odindi bọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀.

Ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mọ́mì pè lánàá, wọ́n ní ìkọ́ mẹ́rin yẹn dára, ṣé mo lè bá wọn fi àjẹkù bọ́ọ̀dù ṣe àpótí kékeré fún bàtà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná.