«Họ» ni, àbí «jẹ»?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìlànà fún àwọn tó ń tún balùwẹ̀ ilé-ìtura kan ṣe ní Ogbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń wá fún ohun tí ń ba ojú nǹkan jẹ́ nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́: ọpọ́n ìwẹ̀ ákírílìkì, táìsì, ẹ̀rọ omi oníkúróòmù àti òkúta mábù. Mo ti kọ «ahanilára», kò dùn mọ́ mi.

Ọmọ Onígbá, Ọ̀yọ́:
Ewé eépín la fi ń dán igbá kó tó di pé a fín in. Ara ewé yẹn rí ṣákaṣàka, ó sì ń họ ojú igbá títí yóò fi jọ̀lọ̀. Mo dábàá «abeépín». Kànìnkànìn onírin, iyanrìn àti ọṣẹ ẹlẹ́bu, abeépín ni gbogbo wọn.

Onítáìsì:
Ọmọ Onígbá, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Fínígà kò rí ṣákaṣàka, síbẹ̀ ẹ̀kán rẹ̀ kan á pa dídán mábù. Kò họ ọ́, ó jẹ ẹ́ ni, bí kòkòrò ṣe ń jẹ eyín. Efun ló pọ̀ jù nínú mábù, ohun kíkan sì máa ń tú efun. Ẹ fi èékánná wò ó: ibi tí wọ́n họ, ìlà ni, èékánná lè kọ́ ọ; ibi tí fínígà jẹ, ojú rẹ̀ ṣú, ó mú àwòrán ẹ̀kán omi, èékánná sì ń yọ̀ kọjá.

Ákírílìkì ní tirẹ̀, ó rọ̀ ju iyanrìn lọ. Ẹ fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀ kúrò kí ẹ tó fi aṣọ kàn án, nítorí aṣọ rírọ̀ tó bá gbé iyanrìn ti di abeépín. Ọṣẹ olómi díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, aṣọ rírọ̀, ó parí. Ìdán ojú táìsì le, ó gba gbígbo díẹ̀. Ẹ má kàn fi kànìnkànìn onírin sí i: fọ́nrán rẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ á dípẹtà.

Ará Tákì:
Ó yé mi. Kí a kọ ọ́ pé fínígà kò gbọdọ̀ wọ balùwẹ̀, kí a máa lo eérú. Eérú kúnná, kò lè họ nǹkan kan.

Onítáìsì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eérú sáàárín ìka méjì, kí ẹ rin ín sétí. Kíkẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, iyanrìn ni. Fínígà sì wúlò. Bí efun omi bá gbá mọ́ ẹ̀rọ omi tó dúró lórí mábù, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀rá sórí òkúta náà, kí ẹ fi táwẹ̀lì lé e. Ẹ po fínígà àti omi lọ́gbọọgba, ẹ rẹ aṣọ, ẹ fún un kó má kán, kí ẹ fi wé ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ tú u, ẹ fi aṣọ tí ẹ fi omi lásán rẹ nù ún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Kúróòmù tínrín gan-an lórí irin tó wà lábẹ́. Bí ó bá ti sán níbì kan, ibẹ̀ ni ohun kíkan ń gbà wọlé.

Ìyá Onísàlúùnù:
Ákírílìkì tèmi, orí èékánná ló wà. Asítóònù là ń fi yọ ọ́, kì í họ, kì í jẹ. Ẹ dán an wò.

Onítáìsì:
Ẹ gbà mí o! Ìyá, ti èékánná kọ́ là ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ ti fún wa ní ọ̀rọ̀ kẹta. Asítóònù á yọ́ ojú ọpọ́n ìwẹ̀ náà, á di funfun, á sì sán. Kò sí fífọ̀ tó lè dá a padà.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni mo máa kọ, kì í ṣe orúkọ kan: «má họ» fún ákírílìkì, kúróòmù àti táìsì, «má jẹ́ kí ohun kíkan jẹ» fún mábù, «má yọ́» fún ákírílìkì nìkan. Ẹ̀rù abeépín ń bà mí. Àwọn ọmọ ìgboro tó máa ka ìwé yìí kò rí eépín rí.

Ọmọ Onígbá:
Ẹ fi ewé náà kan ìwé wọn mọ́ra. Tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní béèrè mọ́.

Ará Tákì:
Sìmẹ́ǹtì àárín táìsì ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì onírin ń họ ọ́, ọsàn wẹ́wẹ́ náà sì ń jẹ ẹ́. Abẹ́ èwo lẹ máa kọ ọ́ sí?