Nínú àwọn mẹ́ta tó bá mi polówó ọṣẹ, ta ni kí n tún san owó fún?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú òwò. Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe ọṣẹ dúdú. Mo máa ń di í pọ̀ mọ́ òrí nínú àpò kan, ₦6,500 ni mo sì ń tà á lórí ìkànnì ìtajà mi àti lórí WhatsApp. Ní oṣù tó kọjá, mo san owó fún gbajúmọ̀ mẹ́ta lórí Instagram kí wọ́n bá mi polówó rẹ̀. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù ẹ̀dínwó tirẹ̀, tó ń yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí owó ọjà, mo sì fún un ní líǹkì tirẹ̀ tí ó ń ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. N kò ní dárúkọ wọn, kóòdù wọn ni n ó fi pè wọ́n.

ARA10 ní ọmọlẹ́yìn 210,000, ó sì gba ₦250,000. Wọ́n tẹ líǹkì rẹ̀ nígbà 2,140, ṣùgbọ́n ènìyàn 19 péré ló fi kóòdù rẹ̀ rajà. EWA10 ní ọmọlẹ́yìn 38,000, ó gba ₦80,000, wọ́n tẹ líǹkì rẹ̀ nígbà 310, kóòdù rẹ̀ sì mú oníbàárà 64 wá. OYIN10 ní ọmọlẹ́yìn 9,000, ₦30,000 ló gbà, wọ́n tẹ líǹkì rẹ̀ nígbà 188, oníbàárà 21 ló sì lo kóòdù rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tó tẹ̀lé ìpolówó kálukú ni mo kà.

Ohun tó rú mi lójú ni ìwọ̀n ìdásí. Mo kó lááìkì, ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, iye àwọn tó fi í pamọ́ àti iye àwọn tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn pọ̀, mo sì fi iye ọmọlẹ́yìn pín in. ARA10 jẹ́ 4.8 nínú ọgọ́rùn-ún, EWA10 jẹ́ 2.1, OYIN10 jẹ́ 6.3. Báwo ni ẹni tí ìdásí rẹ̀ kéré jù ṣe wá tà jù? Ọkọ mi ní kí n mú EWA10 kí n má wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ má jẹ́ kí ó rú yín lójú, Mà. Ìwọ̀n ìdásí ni ojúlówó òṣùwọ̀n, nítorí òun ló ń fi hàn bóyá àwọn ọmọlẹ́yìn náà jẹ́ ènìyàn tàbí ayédèrú. OYIN10 ni kí ẹ dì mú. Ní ti ARA10, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ra ọmọlẹ́yìn ni, torí kò sí bí ènìyàn 210,000 yóò ṣe rí ọjà kí àwọn 19 nìkan rà á.

Bọ̀dá Onísirò

Àbúrò mi láti Ìjẹ̀bú, ó lè jẹ́ pé ibi tí o ń lọ lo máa dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí o gbà kò tọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ, kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá nǹkan mẹ́rin jáde fún wa. Èkíní, tí ẹ bá yọ owó ọṣẹ, òrí, àpò àti owó tí ilé-iṣẹ́ ìsanwó ń gé, èló ló kù sí yín lọ́wọ́ lórí àpò kan? Èkejì, ọjọ́ wo àti aago mélòó ni àwọn 64 ti EWA10 wọlé, nọ́ńbà fóònù wọn mélòó ló sì ti wà nínú ìwé oníbàárà yín tẹ́lẹ̀? Ẹ̀kẹta, ènìyàn mélòó ló rajà lórí WhatsApp láì dárúkọ kóòdù kankan lẹ́yìn ìpolówó ARA10? Ẹ̀kẹrin, ẹ ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya fídíò ojú fóònù wọn níbi tí Instagram ti ń kọ iye ènìyàn tí ìpolówó náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Fídíò ni o, kì í ṣe àwòrán lásán, nítorí kò ṣòro láti tún nọ́ńbà kọ lórí àwòrán.

Àdùkẹ́ Aláṣọ

Ẹ jọ̀wọ́, èmi náà ní irú ìṣòro yìí. Ẹni tí mo fún ní ₦60,000 kí ó wọ àdìrẹ mi wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ó fi í sí ìtàn Instagram rẹ̀ tí ó máa ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, kò sì gbé e sí ojúlé rẹ̀ rárá. Ṣé mo lè gba owó mi padà?

Bọ̀dá Onísirò

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹjọ́ àdéhùn nìyẹn, kì í ṣe ti ìṣirò. Tí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojúlé ni ẹ fẹ́, ọ̀rọ̀ náà nira. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tiyín lọ́tọ̀, a ó dá yín lóhùn níbẹ̀.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Mo ti padà dé. Gbogbo ìnáwó orí àpò kan jẹ́ ₦3,350. Ẹni tó lo kóòdù san ₦5,850, nítorí náà ₦2,500 ló kù sí mi lọ́wọ́. Ẹni tí kò lò ó fi ₦3,150 sílẹ̀ fún mi.

Ọ̀rọ̀ EWA10 bà mí lẹ́rù nígbà tí mo wò ó. Ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ènìyàn 23 ló rajà. Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà, láti bí aago mẹ́sàn-án, wọ́n ya wọlé bí omi, nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje wọ́n ti pé 41, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó gba ojú líǹkì wọlé. Àwọn 33 nínú wọn jẹ́ oníbàárà mi àtijọ́. Mo pe ọ̀kan, ó ní ẹnìkan ló fi kóòdù náà sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ìyá àdúgbò wọn.

Ní ti ARA10, ọjọ́ 28 oṣù ló polówó. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e, ènìyàn 51 rajà lórí WhatsApp láì lo kóòdù, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin lóòjọ́ ni mo máa ń tà níbẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 168,000. EWA10 dé ọ̀dọ̀ 9,500, OYIN10 dé ọ̀dọ̀ 7,000.

Bọ̀dá Onísirò

Ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ ti ń yanjú. Ẹ má fi wọ́n wé ara wọn lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi kálukú wé owó tí ó gbà. Tí ₦2,500 bá ń kù lórí àpò kan, ARA10 gbọ́dọ̀ mú oníbàárà 100 wá kí owó rẹ̀ tó padà, EWA10 gbọ́dọ̀ mú 32, OYIN10 gbọ́dọ̀ mú 12. OYIN10 mú 21, ó sì fi ₦22,500 sílẹ̀ lẹ́yìn owó iṣẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ti parí.

EWA10 ni kóòdù rẹ̀ ti jò. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn: ọjà yóò rọ́ wọlé lẹ́yìn tí ìpolówó ti tutù, líǹkì kò ní gbéra, nọ́ńbà àtijọ́ yóò sì kún inú rẹ̀. Àwọn 33 yẹn ì bá ti san ₦6,500, ẹ̀dínwó ₦650 tí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ₦21,450 tó bọ́ lọ lásán. Ó ku 23 tí mo gbà pé tirẹ̀ ni, àti àwọn 8 tuntun tí wọ́n bá kóòdù náà nínú ẹgbẹ́. Tí a bá ka àwọn 8 yìí fún un, ó di 31, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa owó rẹ̀. Tí a kò bá kà wọ́n, ó pàdánù. Èmi kì í kà wọ́n.

Ẹ wo ìdásí wàyí. Ẹ fi iye ènìyàn tí ó rí ìpolówó náà pín in dípò iye ọmọlẹ́yìn: EWA10 yóò fò sókè láti 2.1 sí 8.4, OYIN10 yóò di 8.1, ARA10 yóò di 6.0. Ẹni tó kẹ́yìn ti di ẹni iwájú, bẹ́ẹ̀ ìpolówó kan náà ni. Ìdí rẹ̀ ni pé Instagram kò fi tirẹ̀ han ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìdí nìyí tí nọ́ńbà yẹn kò fi lè dá ẹjọ́ owó fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo gbà fún yín, sà. Ṣùgbọ́n mo lọ wo abẹ́ ìpolówó ARA10, ó ní kí wọ́n dárúkọ ọ̀rẹ́ mẹ́ta kí wọ́n lè jẹ ẹ̀bùn. Orúkọ ènìyàn lásán ló kún ibẹ̀, kò sí ẹni tó bèèrè iye owó ọṣẹ.

Bọ̀dá Onísirò

Ojú rẹ mú. Ìyẹn wúlò ju 4.8 lọ. Síbẹ̀, a kò lè sọ pé kò tajà. Ẹni tó tẹ líǹkì lójú Instagram, tó wá lọ kọ̀wé sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ lórí WhatsApp, lè má dárúkọ kóòdù kankan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 ni owó oṣù ń wọlé, nítorí náà ẹ má fi 51 wé mẹ́rin lóòjọ́. Mélòó ni ẹ tà lórí WhatsApp ní ọjọ́ mẹ́ta kan náà ní oṣù tó ṣáájú?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ogún géérégé.

Bọ̀dá Onísirò

Àfikún rẹ̀ jẹ́ 31 nìyẹn, ní ₦3,150 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦97,650. Ẹ fi ₦47,500 ti àwọn 19 kún un, ó di ₦145,150. Ó pàdánù ₦104,850, kì í ṣe ₦202,500 tí kóòdù nìkan ì bá sọ. Ìfojúdíwọ̀n ni o, torí oṣù kan kì í jọ èkejì.

Ẹni Tó Ń Polówó

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, nítorí náà ẹ gba ẹ̀rí mi pẹ̀lú ìfura. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kéré fún ọṣẹ. Ẹni tó ra àpò kan lónìí lè tún ra méjì sí i kí ọdún tó parí, ta ni yóò kà á fún ẹni tó mú un wá? Ẹ̀wẹ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n fi líǹkì sí. Èyí tí a bá kọ sí abẹ́ àwòrán lórí Instagram kò ṣeé tẹ̀. Inú àkọlé ojúlé tàbí orí ìtàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn nínú wa sì máa ń gé ìrù líǹkì náà nù kí ó lè kúrú.

Bọ̀dá Onísirò

Òótọ́ ni o sọ lórí méjèèjì. Ìyá Ọlọ́ṣẹ, bí líǹkì ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyí, lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀, nítorí Google Analytics yóò ka Instagram àti instagram sí orísun méjì:

```
https://example.com/ose?utm_source=instagram&utm_medium=influencer&utm_content=oyin
```

Ẹ fún WhatsApp náà ní líǹkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yóò ti wà nínú rẹ̀ ṣáájú:

```
https://wa.me/NUMBER?text=OYIN%20lo%20ran%20mi
```

Oníbàárà kò ní láti rántí ohunkóhun.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N ó tún san owó fún OYIN10. N ó fún EWA10 ní ànfààní kan sí i, ṣùgbọ́n kóòdù tuntun tirẹ̀ yóò kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó ń rajà fún ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni yóò sì lè lò ó. Ní ti ARA10, mo ti kọ nọ́ńbà àwọn 19 yẹn àti ti àwọn 51 sílẹ̀. N ó wò wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí n rí àwọn tó padà wá. Bọ̀dá, mélòó nínú wọn ló yẹ kó padà kí n tó lè sọ pé owó rẹ̀ kò sọnù?

Bọ̀dá Onísirò

Bí ẹni tó padà bá san ₦6,500, àpò 34 ni yóò dí ihò ₦104,850 yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn oníbàárà àtijọ́ kúrò nínú àwọn 51, àwọn yẹn ì bá padà wá bákan náà.

Ẹni Tó Ń Polówó

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ì bá padà, sà. Àwọn mìíràn ti gbàgbé yín kí wọ́n tó rí ìpolówó yẹn.